Bí ẹ ṣe lè yẹ ímeèlì wò kí ẹ tó fi dá ìwé iye owó ọlọ́jà padà

Ọ̀pọ̀ ímeèlì tí a fi ń sọ fún ọlọ́jà pé a kò mú ìwé iye owó rẹ̀ kì í parí ọ̀rọ̀. Ọlọ́jà á kà á, á pè lórí fóònù, á ní òun ti yọ díẹ̀ kúrò nínú owó náà, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá rí wọn. Ẹni tó kọ ímeèlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọlọ́jà yìí kì í gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí i gan-an ló tẹ̀ lé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó náà ga “díẹ̀”, pé kò tíì ṣeé ṣe “báyìí”. Ta ni yóò ka irú èyí tí kò ní gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i?

Ibi tí ìpinnu ti máa ń jò ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a fi sínú ímeèlì kí ó má baà le jù. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń yẹ irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ wò, kì í ṣe pé kí ẹ fi ọ̀rọ̀ líle kún un. Ẹ wá àwọn ibi tó ń jò, kí ẹ dí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀wọ̀ tó wà níbẹ̀ dúró bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, òun náà ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Wọ́n fẹ́ gbé ínfátà àti sólà sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n sì béèrè ìwé iye owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, ẹnjiníà kan, wá fúnra rẹ̀, ó gun òrùlé wò, ó ka gbogbo fáànù àti kọ̀ǹpútà wọn kí ó tó kọ ìwé tirẹ̀. Nọ́ńbà ìwé náà ni 147, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé iye náà dúró fún 30 ọjọ́. Owó ọjà àti iṣẹ́ jẹ́ ₦4,300,000, owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ ₦322,500, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ₦4,622,500. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ mú ẹlòmíràn. Ohun tí akọ̀wé kọ́kọ́ kọ sí ẹnjiníà náà nìyí:

> Àkòrí: Ẹ kú iṣẹ́
>
> Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. A dúpẹ́ gan-an fún ìwé iye owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má bínú pé a pẹ́ kí a tó dá yín lóhùn. A ti wò ó dáadáa, ó sì wù wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga díẹ̀ sí ohun tó wà lọ́wọ́ wa báyìí, àwọn ọ̀gá wa sì ní kí a ṣì ní sùúrù ná. A o lè gba ìwé iye owó ₦4,620,500 yín. Tí ẹ bá lè jẹ́ kó di mílíọ̀nù mẹ́rin, iṣẹ́ náà di tiyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jọ ṣe iṣẹ́ yìí láìpẹ́. A mọ rírì rẹ.

Ẹni tó kọ eléyìí kò ní èrò búburú kankan. Ọmọlúàbí ni, ojú ló ń tì í láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà tó bá ka ìwé yìí lè máa múra àtiwá fi wáyà sára ògiri.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Ẹ pa àyè “To” rẹ́. Bí àdírẹ́sì kò bá sí níbẹ̀, kò sí bí ọwọ́ ṣe lè ṣèèṣì fi ímeèlì tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé iye owó ọlọ́jà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ ni mo ń sọ, kì í ṣe àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe nípa rẹ̀. Ẹ má sì ka ímeèlì náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ máa wá gbogbo àṣìṣe pọ̀. Ojú tó ń wá àmì ohùn kì í rí nọ́ńbà tó yí padà. Ẹ kà á fún ìpinnu lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tún un kà fún ìdí, kí ẹ tó wá kà á fún ọ̀wọ̀, àti fún iye àti orúkọ.

Ẹ wá gbólóhùn ìpinnu rí

Ẹ fi ìka sí gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ìpinnu. Bí ẹ bá ní láti ka gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ kí ìpinnu tó yọjú, kò tíì sí ìpinnu nínú ímeèlì náà. Nínú ti akọ̀wé wa, gbólóhùn tó sún mọ́ ọn jù ni “A o lè gba ìwé iye owó ₦4,620,500 yín.” Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu tó tóbi jù wà.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀, a máa ń gé “a kò” kúrú sí “a ò”. Ẹni tó ń gbọ́ wa kò ní ìṣòro, ohùn á sọ fún un. Lórí ìwé, “a ò lè gbà á” túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe, “a ó lè gbà á” sì túmọ̀ sí pé yóò ṣeé ṣe. Àmì kan péré ló wà láàárín wọn. Bí ẹ kò bá fi àmì sí i rárá, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, “a o lè gbà á” ni yóò wà níbẹ̀, ọlọ́jà á sì kà á bó ṣe wù ú. Ẹni tó ń retí iṣẹ́ yóò kà á sí “a ó”, kò sì ní jẹ̀bi. Nítorí náà, nínú ímeèlì tó ń kọ̀ nǹkan, ẹ má gé e kúrú níbì kankan. “A kò” ni kí ẹ kọ, “a kò ní” ni kí ẹ kọ. Bí àmì bá tiẹ̀ jábọ́ lójú ọ̀nà, lẹ́tà k tó wà níbẹ̀ ṣì ń sọ pé rárá.

Irú ewu kan náà wà nínú “kọ̀” àti “kọ”. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé “ìgbìmọ̀ ti kọ̀ ọ́”, tí àmì sì sọnù, ohun tí yóò wà lójú ìwé ni pé ìgbìmọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn “kọ̀” nínú irú ímeèlì yìí lọ́nàkọnà. Ó le ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń dà bí ẹni pé ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni a kọ̀. “Kò mú” dára jù: “Ìgbìmọ̀ wa kò mú ìwé iye owó yín.” Ìwé wà nílẹ̀, wọ́n wò ó, òmíràn ni wọ́n mú. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀.

Ẹ tún wo ẹni tó ṣe ìpinnu nínú gbólóhùn yẹn. “Àwọn ọ̀gá wa ní” jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé máa ń sá pamọ́ sí, ó sì máa ń yọrí sí wàhálà, torí pé ọlọ́jà á kàn wá ọ̀gá náà lọ. Bí ìgbìmọ̀ ló pinnu, “ìgbìmọ̀ wa” ni kí ẹ kọ. Bí ẹ̀yin ni ẹ ní àṣẹ, “mo ti pinnu” ló yẹ. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ohun tó ti parí. “A ń rò ó”, “ó dà bí ẹni pé a kò ní lè” àti “kò ní rọrùn fún wa” kò tíì parí.

Ẹ yọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sún ìpinnu síwájú

Ẹ wá fi ojú wá àwọn ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀: ná, ṣì, tíì, báyìí, lọ́wọ́lọ́wọ́, díẹ̀, bóyá, lọ́tẹ̀ yìí, láìpẹ́. Kò sí ọ̀kan tó burú nínú wọn. Ìṣòro wọn ni pé wọ́n ń sọ àkókò di ọ̀rọ̀. “A kò lè” ti parí. “A kò tíì lè” ń retí ọjọ́ mìíràn. “Owó náà ga” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, “owó náà ga díẹ̀” sì ń sọ fún ọlọ́jà pé díẹ̀ ló kù kí ó yọ. “Kí a ṣì ní sùúrù ná” ń sọ pé ìwé iye owó yẹn wà lórí tábìlì síbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo Ctrl+F láti wá wọn, ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà lè máà rí gbogbo wọn. Lẹ́tà tó ní àmì ohùn pẹ̀lú àmì abẹ́, bí “ẹ́” àti “ọ̀”, lè jẹ́ ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, ó dá lórí kíbọọ̀dù tí ẹ lò, ohun tí ẹ tẹ̀ láti fi wá a sì lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ímeèlì. Ẹ fi ojú wá wọn. Ímeèlì tó gùn tó ìpínrọ̀ mẹ́rin kò gba àkókò.

Àdúrà náà wà nínú àwọn ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé ìwé Yorùbá tí kò ní àdúrà máa ń gbẹ lójú ẹlòmíràn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdúrà náà ń tọrọ. “Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a jọ ṣe iṣẹ́ yìí láìpẹ́” ń tọrọ iṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ kò gbé fún un. “Ọlọ́run yóò bù sí iṣẹ́ yín” kò fọwọ́ kan ìpinnu yín rárá. Èyí kejì ni kí ẹ lò.

Ìyìn tó pọ̀ jù náà ń jò. “Ó wù wá púpọ̀” kò bá “a kò mú un” mu, ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ á máa béèrè ohun tó fà á. Ẹ fi ìdúpẹ́ tó tọ́ka sí ohun kan pàtó rọ́pò rẹ̀. Ẹnjiníà yìí gun òrùlé, ó ka fáànù. Ẹ dúpẹ́ nítorí ìyẹn. Yóò mọ̀ pé ẹ rí iṣẹ́ tí òun ṣe, ìwé iye owó rẹ̀ kò sì ní dà bí ohun tó kù díẹ̀ kí ẹ mú.

Ẹ yẹ ìdí wò, pàápàá bí owó bá wà nínú rẹ̀

Òfin kò ní kí ẹ sọ ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe làálàá kí ó tó kọ ìwé yẹ kó gbọ́ nǹkan kan. Ẹyọ kan tó. Bí ẹ bá kọ ìdí mẹ́ta, ọlọ́jà á mú èyí tó rọrùn jù láti tún ṣe, á sì fèsì lórí ìyẹn nìkan.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ìdí kọ̀ọ̀kan ni pé: ṣé ọlọ́jà lè yí èyí padà kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́? Owó ṣeé yí padà ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá kọ owó sílẹ̀ bí ìdí, ẹ ti pè é wá dúnàá-dúrà. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ímeèlì ìdúnàá-dúrà nìyẹn, kì í ṣe ti ìkọ̀sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí kò ṣeé yí padà ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀: a ti yan ẹlòmíràn, a ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ fi ímeèlì yìí sílẹ̀ títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i, torí pé ẹni tí ẹ yàn lè sá, ẹ ó sì fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà yìí láìsí irọ́ láàárín yín.

Gbólóhùn mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn ló burú jù lẹ́yìn “a o lè”, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Nínú òfin àdéhùn tí Nàìjíríà jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá dá iye mìíràn lé ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ti ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó ti pa ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì ti gbé ohun tuntun kalẹ̀ tí ẹnìkejì lè gbà. Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1840 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní èyí. Ẹnì kan fẹ́ ta oko rẹ̀ ní £1,000, ẹni tó fẹ́ rà á sọ pé £950 ni òun ó san, olóko ní rárá. Nígbà tí ẹni yẹn padà wá pé òun gba £1,000, ilé ẹjọ́ ní kò sí ohun tó kù láti gbà mọ́, nítorí iye tí òun fúnra rẹ̀ dá ti pa ti àkọ́kọ́.

Ẹ wá wò ó pẹ̀lú ímeèlì akọ̀wé wa. “Tí ẹ bá lè jẹ́ kó di mílíọ̀nù mẹ́rin, iṣẹ́ náà di tiyín.” Bí ẹnjiníà bá fèsì pé “mo gbà”, ó ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró láti sọ pé àdéhùn ti wà, nígbà tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ti ẹlòmíràn. Bí yóò ṣe rí nílé ẹjọ́ wà lọ́wọ́ adájọ́ àti bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tó fi yẹ kí ímeèlì ìkọ̀sílẹ̀ gbé ẹgbẹ́ dé ibẹ̀. Òfin tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ tẹ̀ lé rọrùn: nínú ímeèlì tí ẹ fi ń dá ìwé iye owó padà, kí iye owó kankan má sí níbẹ̀ tí kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà kọ. Ó tiẹ̀ sàn kí ẹ má kọ tirẹ̀ pàápàá. Nọ́ńbà ìwé rẹ̀ tó.

Ẹ má sì kọ orúkọ tàbí owó ẹni tí ẹ mú. Òun náà fọkàn tán yín nígbà tó fi ìwé iye owó rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnjiníà mọ ohun tó fa ìpinnu, ẹ sọ ohun tí ìgbìmọ̀ wò. Nínú àpẹẹrẹ yìí, iye ọdún wáráǹtì bátìrì ló ṣe pàtàkì sí wọn jù. Wọ́n lè sọ ọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ pé àdéhùn ti wà nílẹ̀, kí ó lè yé e pé kì í ṣe ìpè láti wá ṣe àtúnṣe.

Ẹ kà á fún ọ̀wọ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí gbogbo ibi tó ń jò, ímeèlì náà lè ti gbẹ díẹ̀. Àsìkò yìí ni kí ẹ wo ọ̀wọ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni “ẹ” àti “yín”. Akọ̀wé wa fi “ẹ” bẹ̀rẹ̀, ó wá parí rẹ̀ sí “a mọ rírì rẹ”. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ti ibi ímeèlì mìíràn da ọ̀rọ̀ kọ, ó sì ń dunni gan-an nínú ìwé tó ń sọ pé iṣẹ́ bọ́, pàápàá fún ẹni tó ju akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ wá gbogbo “o”, “rẹ” àti “ọ́” tó ń bá ọlọ́jà wí, kí ẹ sọ wọ́n di “ẹ” àti “yín”. Ẹ fi “rẹ̀” àti “ọ́” tó ń tọ́ka sí ìwé iye owó tàbí iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìkejì ni oyè. Bí ó bá kọ “Ẹnjiníà” tàbí “Alhájì” sórí ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pè é. “Ọ̀gbẹ́ni” kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó ń dá ọjà rẹ̀ padà, yóò dà bí ẹni pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ oyè náà.

“Ẹ má bínú” wà nínú ímeèlì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan tó, kí ó sì jẹ́ fún ohun tí ẹ ṣe tó yẹ kí ẹ tọrọ àforíjì fún, bíi pípẹ́ kí ẹ tó fèsì. Yíyan ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá ń bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀, ọlọ́jà á máa rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, á sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Iye, ọjọ́ àti nọ́ńbà

Ẹ ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú ẹnu, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo ìwé ọlọ́jà. ₦4,620,500 ni akọ̀wé kọ, ₦4,622,500 ló wà nínú ìwé. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ti tó fún ẹnjiníà láti fèsì pé “iye tí ẹ kọ yẹn kì í ṣe tèmi, bóyá ìwé ẹlòmíràn lẹ wò”, ọ̀rọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún iye tó ní owó orí nínú àti èyí tí kò ní. Ẹni tó bá kọ ₦4,300,000 ti mú ìlà tó yàtọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ lé ohun tí mo sọ lókè, tí ẹ kò kọ owó rárá, nọ́ńbà ìwé àti ọjọ́ rẹ̀ nìkan ló kù láti yẹ̀ wò.

Ẹ wo ọjọ́ tí iye náà yóò parí pẹ̀lú. Ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá tó dúró fún 30 ọjọ́ yóò dópin ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ọlọ́jà lè ti ya bátìrì sọ́tọ̀ fún yín, bó bá sì tètè gbọ́, yóò rí i tà fún ẹlòmíràn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà bọ̀wọ̀ fún un, èyí ló wúlò fún un jù.

Bí akọ̀wé ṣe tún un kọ nìyí:

> Àkòrí: Ìpinnu ìgbìmọ̀ lórí ìwé iye owó yín, nọ́ńbà 147
>
> Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà.
>
> A dúpẹ́ pé ẹ wá sí ọ́fíìsì wa, tí ẹ gun òrùlé wò, tí ẹ sì ka gbogbo ohun tó ń lo iná kí ẹ tó kọ ìwé iye owó nọ́ńbà 147, ti ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá. Ẹ má bínú pé a pẹ́ kí a tó fèsì.
>
> Ìgbìmọ̀ wa ti jókòó lórí gbogbo ìwé iye owó tó wọlé, kò sì mú tiyín. A ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹlòmíràn. Nítorí náà, a kò ní gba ìwé iye owó tuntun tàbí ẹ̀dínwó lórí iṣẹ́ yìí.
>
> Ohun tí ìgbìmọ̀ wò jù ni iye ọdún wáráǹtì bátìrì.
>
> Bí ẹ bá ti ya ọjà kankan sọ́tọ̀ fún wa, ẹ lè tà á fún ẹlòmíràn. Ìwé àlàyé bátìrì tí ẹ fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ lè rán ẹnì kan wá gbà á láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán, Mọ́ńdè sí Fúráìdè.
>
> A mọ rírì iṣẹ́ yín. Ọlọ́run yóò bù sí i.

Ẹ wò ó pé “kò sì mú tiyín” wà ní ìpínrọ̀ kejì, kò sí lókè pátápátá. Àwọn kan ní kí ìpinnu jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gun òrùlé wa. Kí ó kọ́kọ́ rí ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n kí ìdúpẹ́ náà má ju gbólóhùn kan sí méjì lọ. Àkòrí náà kò sì sọ ohun tí ìpinnu náà jẹ́, nítorí àkòrí máa ń hàn lójú fóònù níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí i. “Ẹ kú iṣẹ́” nìkan kì í ṣe àkòrí. Bí ẹ bá ń wá ímeèlì náà lóṣù mẹ́fà sí i, ẹ kò ní rí i.

Bí ẹ bá ń ronú láti fi “a ó pè yín nígbà mìíràn” kún un, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá òótọ́ ni. Bí ẹgbẹ́ bá ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọlọ́jà sí, tí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an: “Orúkọ yín wà nínú ìwé àwọn ọlọ́jà wa.” Bí kò bá sí, ẹ má kọ ọ́ rárá.

Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà

Ímeèlì tó dára lè bàjẹ́ nítorí ohun tó so mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń fèsì sórí ímeèlì tí ẹ ti jọ ń kọ síra yín nínú ọ́fíìsì, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa àwọn ọlọ́jà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gmail máa ń fi í pamọ́ sábẹ́ àmì kéékèèké mẹ́ta tó tò sórí ìlà kan, ẹ kò ní rí i àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Èsì náà yẹ kó wà lórí ímeèlì tí ọlọ́jà fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe orí èyí tí ẹ fi ń jíròrò. Ẹ ṣí fáìlì tí ẹ so mọ́ ọn pẹ̀lú, bí ó bá wà. Bí tábìlì tí ẹ fi owó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra bá lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, kò sí àtúnṣe fún un. Ọlọ́jà méjì ni ẹ kò mú. Ímeèlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ, kí ẹ má fi méjèèjì sínú “To” tàbí “Cc” kan náà.

Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ara yín kí ẹ kà á lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá àwọn lẹ́tà tó ní àmì ti di àpótí kéékèèké tàbí àmì ìbéèrè. Bí “kò” bá yọ bí “k?”, ẹ yí kíbọọ̀dù padà kí ẹ tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà kà, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta láìṣe àlàyé: Ṣé wọ́n mú un? Ṣé ó lè padà wá pẹ̀lú owó tó kéré sí i? Kí ló kù tó yẹ kó ṣe? Èsì tí ẹ ń retí ni “rárá”, “rárá”, àti “kó rán ẹni wá gba ìwé bátìrì”. Bí ó bá ní “bóyá” sí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ ní kó fi ìka sí ọ̀rọ̀ tó mú kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ yọ.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá fi àdírẹ́sì sí “To”. Nínú ètò Gmail, ẹ lè sún “Undo Send” dé ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ lè rí i gbà padà bí ojú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣìṣe.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnjiníà ṣì fèsì pé òun ti yọ ₦400,000. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àlàyé tuntun, torí àlàyé tuntun á mú ìdí tuntun wá tí yóò tún fẹ́ dáhùn. Ẹ tún ìpinnu sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: “Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. A ti rí ẹ̀dínwó tí ẹ fi ránṣẹ́. Àdéhùn ti wà lórí iṣẹ́ yìí, ìpinnu ìgbìmọ̀ kò sì yí padà.” Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ló ti pè, ẹ sọ ohun kan náà fún un lẹ́nu, kí ẹ sì fi gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè náà. Ẹ fi ímeèlì méjèèjì sínú fáìlì kan pẹ̀lú ìwé iye owó nọ́ńbà 147 àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀, níbi tí ẹni tó bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò yóò ti rí wọn pọ̀.